Ọjọ́ Mẹ́fà ní Etíkun Tànsáníà: Ìkíni Súwàhílì, Ìdáhùn Rẹ̀, àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Kí Àgbà

Ọjọ́ kìíní. Dar es Salaam

Ọ̀sán ni a balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Julius Nyerere. Kí ẹrù tó jáde, ìkíni tó kọ́kọ́ pàdé àlejò ni "Jambo!", bẹ́ẹ̀ sì ni ará ìlú kì í fi í kí ará ìlú. "Jambo" lásán túmọ̀ sí "ọ̀rọ̀" tàbí "nǹkan tó ṣẹlẹ̀". Àwọn tó ń bá àlejò ṣòwò ló gé ìkíni náà kúrú kó lè rọ àlejò lẹ́nu. Èyí tó pé ni "Hujambo?", bí ìgbà tí a bá ní, "Ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ọ́?" Ìdáhùn rẹ̀ ni "Sijambo": "Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí."

Ó yẹ kí a tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ díẹ̀, torí pé orí rẹ̀ ni ìkíni gígùn tí a máa bá ní Bagamoyo lọ́jọ́ kẹta dúró lé. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ló ń sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, òun kan náà ló sì gbé "kò" dání. "Hu-" jẹ́ ìwọ, "si-" jẹ́ èmi, "ha-" jẹ́ òun. Tí wọ́n bá pọ̀, "ham-" ni ẹ̀yin, "hatu-" ni àwa, "hawa-" ni àwọn. Nítorí náà, ènìyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a ń kí ní "Hamjambo?", àwọn náà á sì dáhùn pé "Hatujambo". Tí wọ́n bá béèrè ìyá ẹni, "Mama hajambo?", ìdáhùn ni "Hajambo". Tí wọ́n bá béèrè àwọn ọmọ, "Watoto hawajambo?", ìdáhùn ni "Hawajambo". Bó bá ti jẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ń béèrè, ọ̀rọ̀ kan náà ni ìbéèrè àti ìdáhùn, ohùn nìkan ló yàtọ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ àwa fúnra wa ni wọ́n ń bi, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ yí padà. Ibẹ̀ ni àlejò ti máa ń ṣì í: wọ́n á ní "Hujambo?", òun náà á ní "Hujambo", ó wá di pé ìbéèrè ló fi dá ìbéèrè lóhùn.

Ẹni tí wọ́n bá kí ní "Jambo!" tó sì dáhùn pé "Sijambo" máa rí i pé ohùn ẹni tó kí i yí padà lójú ẹsẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì á dúró, Súwàhílì á bẹ̀rẹ̀.

Lálẹ́, a gbé ọ̀rọ̀ pípè yẹ̀ wò. Ẹnu Yorùbá kò ní ìṣòro púpọ̀ pẹ̀lú èdè yìí, ṣùgbọ́n ibi mẹ́ta wà tó ti máa ń tàsé. Àkọ́kọ́ ni ohùn. Súwàhílì kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Sílébù tó ṣáájú ti ìparí ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀: ha-BA-ri, hu-JAM-bo, ma-ra-HA-ba. "Shikamoo" ní sílébù mẹ́rin, shi-ka-MO-o. "Sh" rẹ̀ ni "ṣ" tiwa, "o" méjèèjì sì gbọ́dọ̀ jáde. Ẹni tó bá pè é ní "shikamo" ti gé ìkíni àgbà lẹ́sẹ̀.

Ìkejì ni lẹ́tà "z". A kò ní in, a sì máa ń sọ ọ́ di "s" láìfura. "Kazi" ni iṣẹ́, "kasi" ni ìyára. Ẹni tó bá béèrè pé "Habari za kasi?" ti fi "ẹ kú iṣẹ́" sílẹ̀, ìyára ló ń béèrè. "Mzee" ni àgbàlagbà. "Msee" ni àwọn ọ̀dọ́ Nairobi fi ń pe ẹgbẹ́ wọn nínú ẹnà ìgboro. Bí ahọ́n bá yọ̀ lójú àgbà, ọ̀wọ̀ ti di àfojúdi nìyẹn. Kí a jẹ́ kí eyín pàdé, kí ọ̀fun sì gbọ̀n díẹ̀ bíi ti oyin tó ń fò kọjá, "z" á jáde. Ìkẹta ni "h" tí àwọn kan nínú wa máa ń gbé mì: "habari" ni, kì í ṣe "abari".

Ọjọ́ kejì. Kariakoo

Ọjà Kariakoo ni ibi tó dára jù láti gbọ́ ìkíni kúkúrú, nítorí níbẹ̀ kò sẹ́ni tó ráyè gígùn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń tajà á ní "Mambo?" tàbí "Mambo vipi?", ìdáhùn sì ni "Poa". "Mambo" ni "jambo" nígbà tó bá pọ̀, ìyẹn "àwọn ọ̀rọ̀". "Poa" wá láti inú ọ̀rọ̀ ìṣe "kupoa", kí nǹkan tutù, kí gbígbóná kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tí Yorùbá ń pè ní ìtura máa mọ ìdí tí "ó tutù" fi dára ní ìdáhùn. Tí wọ́n bá ní "Vipi?" lásán, ìyẹn "báwo ni?", "Safi", ó mọ́, tàbí "Poa" náà ló bá a mu. Ààrin ẹgbẹ́ ni èyí mọ o. A kò gbọ́dọ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè bí wa.

Ìkíni tó ba gbogbo ènìyàn mu, tí a lè fi kí ẹni tí a kò mọ̀ rí, ni "Habari". Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni, ìròyìn ló túmọ̀ sí. Òun ni "làbárì" tiwa náà, tó gba ọ̀nà Haúsá dé ọ̀dọ̀ wa. Ìdáhùn rẹ̀ ni "Nzuri" (ó dára), "Njema" (ó sunwọ̀n) tàbí "Salama" (àlàáfíà ni). Ìyókù rẹ̀ dà bí "ẹ kú" tiwa gẹ́lẹ́: nǹkan tó bá wà nílẹ̀ ni a máa so mọ́ ọn. "Habari za asubuhi?" jẹ́ ti àárọ̀, "za mchana?" ti ọ̀sán, "za jioni?" ti ìrọ̀lẹ́. "Habari za kazi?" jẹ́ ti ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, "za safari?" ti ẹni tó ti ìrìn-àjò dé, "za nyumbani?" ti ará ilé, "za siku nyingi?" ti ẹni tó ti pẹ́ tí a rí i. Tí a bá tún pàdé ẹni tí a ti kí láàárọ̀, a kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí. A ó ní "Habari za tangu asubuhi?", ìyẹn ìròyìn láti àárọ̀ títí di ìsinsìnyí. Nígbà tí ìkíni bá ń yá, wọ́n á yọ "habari" kúrò pátápátá: "Za asubuhi?" "Nzuri." "Za nyumbani?" "Salama." Ẹni tó bá ń dúró de "habari" kó tó mọ̀ pé ìkíni ni á ti pẹ́ jù.

Ẹ kíyè sí "n" tó wà níwájú "nzuri". Ìròyìn ni wọ́n béèrè, ìròyìn ni a ń sọ pé ó dára, òun ló fa "n". "Mzuri" ni a fi ń sọ pé ènìyàn dára tàbí arẹwà. Ní Kẹ́ńyà, pàápàá nílùú tó jìnnà sí òkun, "Mzuri" ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dáhùn, kò sì sẹ́ni tó ń bá wọn jà. Ní Dar es Salaam, etí àwọn ènìyàn á gbọ́ ọ, wọ́n á sì mọ̀ pé ibòmíràn ni a ti kọ́ èdè.

Òfin kan wà tí kò yẹ̀: ìdáhùn àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dára. Bí orí bá ń fọ́ ni, bí owó bá sọnù ni, "Nzuri" ló ṣáájú. "Mbaya" (kò dára) ní ìdáhùn àkọ́kọ́ máa ń dá ìkíni dúró, ó sì máa ń ba ẹni tó kí wa lẹ́rù. Bí nǹkan bá wà nílẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀yìn "nzuri" ni a máa so ó mọ́: "Nzuri, ila mtoto anaumwa", ó dára, àmọ́ ara ọmọ kò yá. Yorùbá tó ń dáhùn pé "A dúpẹ́" kó tó wá sọ pé ilé jóná kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún un.

Ọ̀rọ̀ kan tó máa ya Yorùbá lẹ́nu ní Kariakoo ni "Pole". Ẹni tó gbé ẹrù ńlá á gbọ́ "Pole". Ẹni tó kọsẹ̀ á gbọ́ ọ. "Pole na kazi" ni ẹ kú iṣẹ́, "Pole na safari" ni ẹ kú ìrìn-àjò. "Polepole" sì ni kí a máa ṣe é díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni pẹ̀lẹ́ àti pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ń ṣe fún wa, ìró wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè méjèèjì kò bá ara wọn tan tímọ́tímọ́. Ìdáhùn ni "Asante", ìyẹn "ẹ ṣé". Lẹ́nu ẹni tí ara rẹ̀ ti balẹ̀, ó lè jẹ́ "Nimeshapoa", mo ti tutù. Tí wọ́n bá pọ̀, "Poleni" ni. Ibi tí Yorùbá ti lè tàsé ni pé a máa ń fẹ́ gbé "pẹ̀lẹ́" kí ènìyàn lásán, bíi "ẹ ǹ lẹ́ o". "Pole" kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ohun kan gbọ́dọ̀ ti wọ ẹni náà lọ́rùn kí a tó sọ ọ́.

Ọjọ́ kẹta. Bagamoyo

Bagamoyo wà ní àríwá Dar es Salaam, bíi kìlómítà 75, létí òkun. Ilé àgbà kan ni a ń lọ. Níbẹ̀ ni ìkíni ti máa ń gùn, níbẹ̀ sì ni gbogbo ohun tí a ti kọ́ ti máa pàdé ara wọn.

"Shikamoo" ni ìkíni ọmọdé sí àgbà, "Marahaba" sì ni ìdáhùn kan ṣoṣo tó ní. Àlàyé tí àwọn elédè fúnra wọn máa ń ṣe ni pé ó ti ibi "nashika miguu yako" wá: mo di ẹsẹ̀ rẹ mú. Lẹ́nu ni wọ́n ti ń dọ̀bálẹ̀, ara wà ní ìdúró. Ọmọkùnrin Yorùbá tó bá na gbalaja sílẹ̀ níwájú àgbà ní etíkun yìí á kó ìdààmú bá onílé, torí pé Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ wọn, Ọlọ́run nìkan ni wọ́n ń forí balẹ̀ fún. Kí a tẹ orí ba díẹ̀ ti tó. Ọwọ́ ọ̀tún ni a ń fún àgbà, kí a sì jẹ́ kí òun kọ́kọ́ na tirẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké lè fi ẹnu ko ẹ̀yìn ọwọ́ àgbà.

Ọ̀rọ̀ ìṣe ọ̀tọ̀ wà fún irú ìkíni yìí. "Kusalimia" ni kí ènìyàn kí ẹnikẹ́ni, àmọ́ "kuamkia" ni wọ́n sábà máa ń lò fún kíkí àgbà. Ìyá tó bá bi ọmọ rẹ̀ pé "Umemwamkia babu?" ń béèrè bóyá ó ti kí bàbá àgbà bó ṣe yẹ.

Bí ìkíni náà ṣe ń lọ láti ẹnu ọ̀nà títí dé orí àga nìyí. À ń pe ẹni tó dé ní àlejò, à ń pe onílé ní mzee.

Àlejò: Hodi!
Mzee: Karibu!
Àlejò: Shikamoo, mzee.
Mzee: Marahaba. Hujambo?
Àlejò: Sijambo.
Mzee: Habari za safari?
Àlejò: Salama.
Mzee: Habari za nyumbani?
Àlejò: Nzuri.
Mzee: Mama hajambo?
Àlejò: Hajambo.
Mzee: Watoto hawajambo?
Àlejò: Hawajambo.
Mzee: Wote wazima?
Àlejò: Wazima kabisa. Habari za hapa, mzee?
Mzee: Nzuri, tunamshukuru Mungu. Pole na safari.
Àlejò: Asante.
Mzee: Karibu kiti.
Àlejò: Asante.

"Wazima kabisa" ni pé ara wọn le pátápátá, "Habari za hapa?" ni ìròyìn ibí, "tunamshukuru Mungu" ni a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, "Karibu kiti" sì ni ẹ wá jókòó. "Hodi" ni àgò. Ìta ni a ti ń ké e, kí a tó fojú kan inú ilé, "Karibu" sì ni àgò yà. Ìtumọ̀ "karibu" gan-an ni "nítòsí", bí ẹni pé kí a sún mọ́ ilé. Tí àwọn àlejò bá pọ̀, "Karibuni" ni. Bí kò bá tíì sí "karibu", ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá àtẹ́rígbà, bí ilẹ̀kùn tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ẹ wo ẹni tó ń darí ọ̀rọ̀. Ọmọdé ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Shikamoo", ṣùgbọ́n látìgbà tí "Marahaba" ti jáde, ọwọ́ àgbà ni ìkíni bọ́ sí. Òun ló ń béèrè, àlejò ń dáhùn ṣókí. Ẹ̀yìn "Wote wazima?" (ṣé ara gbogbo wọn le?) ni àlejò tó gba àyè láti béèrè tirẹ̀. Ẹni tó bá kí "Shikamoo" tó sì sáré béèrè "Habari za hapa?" kí àgbà tó sọ "Hujambo?" ti já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Wọn kò ní bá a wí, àmọ́ ìkíni á kúrú, àgbà á sì bọ́ sórí ohun tó bá a wá láìpẹ́. Kíkúrú yẹn gan-an ni àmì pé nǹkan kan ti yẹ̀.

Ṣókí tí mo wí yìí ṣe pàtàkì. Ọ̀rọ̀ kan, ó pọ̀ tán méjì, ni ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ìgbà tí àgbà bá béèrè ilé ni a máa ròyìn pé àbúrò ti wọ ilé ìwé gíga. Ìròyìn gidi á wáyé lẹ́yìn tí a bá ti jókòó. Àgbà lè béèrè ilé lẹ́ẹ̀mejì, kó fi ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Kì í ṣe pé kò gbọ́ tẹ́lẹ̀: bí ìbéèrè ṣe ń pọ̀ tó ni ó ṣe ń fi hàn pé àlejò náà jọ òun lójú. Kí àlejò dáhùn ti ẹlẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ohùn kan náà tó fi dáhùn ti àkọ́kọ́.

Ọjọ́ kẹrin. Bagamoyo, ọjọ́ kejì níbẹ̀

Ọjọ́ òní jẹ́ ti àṣìṣe, nítorí pé àwọn tí Yorùbá máa ń ṣe yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù.

Èyí tó tóbi jù ni ẹ̀yin. Lọ́dọ̀ wa, "ẹ" ni ọ̀wọ̀. Bí Yorùbá bá ti kọ́ pé "Hamjambo" ni ti ẹ̀yin, tí "Shikamooni" sì ni "Shikamoo" fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọkàn rẹ̀ á sọ fún un pé èyí ló yẹ àgbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbà tí a bá kí ní "Shikamooni" lóun nìkan á bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tó tún wà níbẹ̀. Nínú Súwàhílì tí wọ́n ń sọ ní ìlú wọ̀nyí, ẹnì kan ni ẹnì kan, bó ti wù kó dàgbà tó. "Unaendeleaje, mzee?", báwo ni o ṣe ń ṣe sí, tó ní "u-", ìyẹn "o", lára kò ní ẹ̀gàn kankan. Ibi mẹ́ta ni ọ̀wọ̀ wà: nínú "Shikamoo" fúnra rẹ̀, nínú ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àti nínú orúkọ ipò tí a so mọ́ ọn. Ìkẹta yìí ló ń ṣe iṣẹ́ "ẹ" tiwa. "Shikamoo" láìsí orúkọ ipò kò burú, àmọ́ ó gbẹ. "Shikamoo, mzee" jẹ́ ti àgbàlagbà ọkùnrin, "Shikamoo, babu" ti bàbá àgbà, "bibi" ti ìyá àgbà, "mama" ti obìnrin tó lè bí wa, "mwalimu" ti olùkọ́, "shangazi" ti àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni lóbìnrin, "mjomba" ti àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni lọ́kùnrin. Èyí tí kò ṣeé gbọ́ sétí ni kí a ké sí àgbà ní "Wewe!", ìyẹn "Ìwọ!", láìsí nǹkan mìíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Bí àwọn àgbà bá jókòó pọ̀, "Shikamooni" lẹ́ẹ̀kan tó fún gbogbo wọn. Bí a bá fẹ́ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀dọ̀ ẹni tó dàgbà jù ni kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ta ló tọ́ sí? Ẹni tó wà ní ìran òbí wa tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gidi nínú ilé, ọ̀pọ̀ ìdílé ń béèrè rẹ̀ fún un, bí ọdún díẹ̀ tilẹ̀ ni wọ́n fi ju ara wọn lọ. Àwọn tó ju wa lọ díẹ̀ níta ni ìṣòro wà lórí wọn. Obìnrin ọlọ́gbọ̀n ọdún tí ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ bá kí ní "Shikamoo" lè rò pé wọ́n ń pe òun ní arúgbó. Fún irú wọn, "Habari yako, dada?" tàbí "Habari yako, kaka?" ni mo rí i pé kì í tàsé. "Dada" ni ẹ̀gbọ́n tàbí arábìnrin, "kaka" ni ti ọkùnrin. Bí irun bá ti funfun, kí a má ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Àwọn ọmọ ilé ìwé ní ojú pópó á kí àlejò tó dàgbà jù wọ́n lọ ní "Shikamoo". "Asante" kọ́ ni ìdáhùn, "Nzuri" kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe kí a kí wọn ní "Shikamoo" padà. "Marahaba" ni, kí a sì fi "Hujambo?" tẹ̀ lé e; bí wọ́n bá pọ̀, "Hamjambo?" Bí a bá dákẹ́, ọmọ náà lè tún un kí, kó gbé ohùn sókè sí i, nítorí pé ìkíni tí kò ní "Marahaba" kò tíì parí létí rẹ̀.

Lórí tẹlifóònù, ìlànà kan náà ni. Lẹ́yìn "Halo", "Shikamoo" ló kàn kí a tó dárúkọ ohun tí a fẹ́.

Tí ìròyìn búburú bá wà, bí àpẹẹrẹ tí aláìsàn bá wà nínú ilé tí a lọ, onílé á ṣì kọ́kọ́ dáhùn pé "Nzuri". Etí ni ká fi gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e. "Nzuri kidogo", ó dára díẹ̀, ń sọ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Tí a bá béèrè aláìsàn, "Mgonjwa hajambo?", tí ìdáhùn sì jẹ́ "Hajambo kidogo", ara rẹ̀ ń yá bọ̀ ni, kò tíì le tán. "Pole sana" ló kàn, onílé á ní "Asante", ìgbà náà ni a tó lè béèrè irú àìsàn tó jẹ́.

Ọjọ́ karùn-ún. Zanzibar

Ọkọ̀ ojú omi gbé wa láti Dar es Salaam dé Zanzibar ní nǹkan bíi wákàtí méjì. Èdè Unguja, erékùṣù tí a gúnlẹ̀ sí yìí, ni ìpàdé kan tó wáyé ní Mombasa lọ́dún 1928 yàn gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀ Súwàhílì ìwé, èyí tí wọ́n ń kọ́ ní ilé ìwé títí dòní. Ìkíni tó wà nínú ìwé kò jìnnà sí ti ẹnu wọn níbí.

Ohun tó yàtọ̀ ni pé sálámà máa ń ṣáájú. Ní Stone Town, apá àtijọ́ ìlú Zanzibar, níwájú àwọn ilé, pèpéle òkúta gígùn wà tí wọ́n ń pè ní baraza, àwọn àgbà sì máa ń jókòó síbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹni tó ń kọjá ló ń kí ẹni tó jókòó: "Asalaam aleikum". Wọ́n á dáhùn pọ̀ pé "Waalaikum salaam". Lẹ́yìn rẹ̀ ni "Shikamoo" sí àgbà tí a bá mọ̀ láàárín wọn. Ìlànà ẹ̀sìn ni èyí, Mùsùlùmí Yorùbá sì mọ̀ ọ́n dáadáa: ẹni tó gun nǹkan á kí ẹni tó ń rìn, ẹni tó ń rìn á kí ẹni tó jókòó, àwọn díẹ̀ á kí àwọn tó pọ̀. Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí lè dáhùn sálámà láìsí ìyọnu. Tó bá jẹ́ òun ló ń kọjá, tí ẹnu rẹ̀ kò sì gba sálámà, "Hamjambo?" fún gbogbo wọn kò burú. Ohun tó burú ni kí a gba iwájú baraza kọjá bí ẹni tí kò rí ènìyàn.

"Hodi" náà ní òǹkà níbí: ẹ̀ẹ̀mẹta, pẹ̀lú ìsinmi díẹ̀ láàárín. Bí a kò bá gbọ́ "Karibu" lẹ́yìn ìkẹta, kí a yí padà. Kíkan ilẹ̀kùn títí kò fi hàn pé a nífẹ̀ẹ́ onílé. Àwọn obìnrin inú ilé lè máà tíì bo ara wọn, ìdí tí ìdúró ìta fi ṣe pàtàkì nìyẹn.

Bí a bá bá wọn lẹ́nu oúnjẹ, wọ́n á ní "Karibu chakula", ẹ wá jẹun. Kí a dáhùn pé "Asante" tàbí "Starehe", kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu. "Hapana" lásán, ìyẹn "rárá", le jù.

Ọjọ́ kẹfà. Zanzibar, ìdágbére

Ìdágbére náà gùn, ó sì ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ. A kì í ṣàdédé dìde. Àlejò á kọ́kọ́ ní "Naomba kuaga", mo fẹ́ dágbére, á sì dúró. Onílé á sábà ní kó tún jókòó díẹ̀. Kí a gbà fún un lẹ́ẹ̀kan, kí a tó tún tọrọ àyè. Nígbà tó bá gbà, á ní "Haya, karibu tena", ó dáa, ẹ tún padà wá, á sì dìde. Wọ́n ń pè é ní "kusindikiza" kí onílé sin àlejò sọ́nà. Tó bá dé ibi tó ti fẹ́ padà, ó di ìkíni ìkẹyìn:

Mzee: Wasalimie nyumbani.
Àlejò: Zimefika. Kwaheri, mzee.
Mzee: Kwaheri ya kuonana. Safari njema.
Àlejò: Asante.

"Wasalimie nyumbani" ni "bá mi kí wọn nílé". "Zimefika" ni "wọ́n ti dé", ìyẹn àwọn ìkíni náà. Ọ̀rọ̀ yìí ń sọ pé ìkíni ti dé ilé kí ẹsẹ̀ tó kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá sọ "Asante" níbẹ̀ kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n onílé kò tíì gbọ́ pé iṣẹ́ tí òun rán á dé ibi tó yẹ. "Kwaherini" ni ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. "Kwaheri ya kuonana" dúró fún ó dìgbà, nítorí "kuonana" ni kí a rí ara wa.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a dé Stone Town padà. Lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, àwọn àgbà etíkun máa ń lo ìdágbére kan tí àwọn ọ̀dọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ lò mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ á ní "Usiku mwema" tàbí "Lala salama", ìdáhùn á sì jẹ́ "Nawe pia", ìwọ náà. Àgbà tó jókòó sórí baraza á ní "Alamsiki" bó ṣe ń dìde lọ sùn. Ìdáhùn rẹ̀ kò bá ti àwọn yòókù tan, ẹni tí kò bá kọ́ ọ kò lè méfò rẹ̀: "Binuru".